Gígùnfẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́: ibo ni afẹ́fẹ́ náà ti ń wá?

*Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Kíákíá ni mo máa ń jẹun, mo fẹ́ràn ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ṣingọ́ọ̀mù kì í sì í kúrò lẹ́nu mi níbi iṣẹ́. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí mo ti ń gùnfẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí mo bá fi tipátipá gùnfẹ̀, ara á tù mí díẹ̀, àmọ́ kò ní pẹ́ tí á tún fi dé. Ṣé ọgbẹ́ inú ni? Oògùn wo ni kí n lò?*

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ oògùn sílẹ̀ ná. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, ọ̀rọ̀ “tipátipá” yẹn ni mo dúró lé lórí jù, torí ó jọ pé oríṣi ìgùnfẹ̀ méjì ló wà lára yín, kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó ń fa ọ̀kan kọ́ ló ń fa ìkejì. Ẹni tó bá ń fi ìwòsàn ọ̀kan tọ́jú ìkejì, á kàn máa náwó ni, kò ní rí ìyàtọ̀.

Èkíní ni èyí tí gbogbo ayé mọ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé nǹkan mì tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kò ní bá a wọlé, ì báà jẹ́ oúnjẹ, omi tàbí itọ́ lásán. Afẹ́fẹ́ yìí máa ń kó jọ sí apá òkè àpòlúkù. Bó bá ti pọ̀ tó láti na ibẹ̀, iṣan tó ń pa ẹnu ọ̀nà àárín àpòlúkù àti ọ̀nà oúnjẹ dé á là fún ìgbà díẹ̀, afẹ́fẹ́ á gòkè, yóò sì gba ẹnu jáde. Bí ara ṣe ń dín ẹrù rẹ̀ kù nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gùnfẹ̀ tó ọgbọ̀n ìgbà lóòjọ́, kí ó má sì ka iye rẹ̀ sí. Irú ìgùnfẹ̀ yìí sábà máa ń tẹ̀ lé oúnjẹ tàbí ohun mímu, ohùn rẹ̀ máa ń jinlẹ̀, ó sì lè gbé adùn ohun tí ẹ jẹ tàbí mu padà wá sí ọ̀fun.

Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ló ń pèsè afẹ́fẹ́ jù nínú àwọn nǹkan tí ẹ dárúkọ, ó sì pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ni wọ́n fi agbára tì sínú omi rẹ̀. Bí a bá tú gbogbo gáàsì tó wà nínú agolo oní-33 sẹ́ǹtílítà kan sílẹ̀, ó lè tó lítà kan tàbí kó lé díẹ̀. Àpòlúkù kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, torí díẹ̀ ń fò lọ nígbà tí ẹ bá ṣí i, díẹ̀ ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lára ògiri àpòlúkù àti ìfun, ẹ ó sì mí i síta láìmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ẹnu lé agolo tútù, tó gbé e mu láìdánu dúró, inú ikùn tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni gáàsì náà ti máa tú jáde. Ìgbà yẹn ni ìgùnfẹ̀ ńlá máa ń dé. Bí ẹ bá tún fi sitírọ́ọ̀ mu ún, afẹ́fẹ́ tó wà nínú sitírọ́ọ̀ ni ẹ máa kọ́kọ́ fà mì kí ohun mímu tó dé ẹnu.

Ṣingọ́ọ̀mù kì í gbé gáàsì wọlé fúnra rẹ̀. Itọ́ ló ń mú kí ó pọ̀ sí i, itọ́ tó pọ̀ sì ní láti lọ síbì kan. Ẹ ó wá rí i pé ẹni tó ń jẹ ẹ́ láti àárọ̀ ń gbé itọ́ mì lemọ́lemọ́, afẹ́fẹ́ kékeré kọ̀ọ̀kan ló sì ń bá a lọ. Ó tún kù: àwọn tí kò ní ṣúgà nínú sábà máa ń ní sọ́bítọ́ọ̀lù tàbí sáílítọ́ọ̀lù, ohun tí wọ́n fi ń mú un dùn dípò ṣúgà. Ìfun kékeré kì í lè fa ìwọ̀nyí tán, nítorí náà wọ́n á dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tó ń gbé níbẹ̀ á jẹ wọ́n, wọ́n á sì sọ wọ́n di gáàsì. Ìdí ni gáàsì yẹn ń gbà jáde, kì í gba ẹnu. Bí inú yín bá ń wú ní ìrọ̀lẹ́, tí ẹ sì ń sọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ wo ẹ̀yìn páálí ṣingọ́ọ̀mù yín bóyá orúkọ méjèèjì yìí wà níbẹ̀.

Ti oúnjẹ kíákíá kò gba àlàyé púpọ̀. Òkèlè ńlá tí a kò jẹ kúnná, tí a fi omi tì sísàlẹ̀, tí a sì ń sọ̀rọ̀ sí i, ó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé ju òkèlè kékeré tí a jẹ dáadáa lọ. Eyín àtọwọ́dá tí kò dúró dáadáa, sìgá mímu àti imú tó dí tí èèyàn fi ń gba ẹnu mí náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkejì ló ń mú mi kọ lẹ́tà tó gùn báyìí, torí òun ló sábà máa ń wà lára ẹni tó bá sọ pé òun ń gùnfẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sábà dé àpòlúkù. Èèyàn á fa afẹ́fẹ́ wọ ọ̀nà oúnjẹ láti òkè, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí á ti tì í jáde padà, pẹ̀lú ariwo. Ní ọdún 2004 ni àwọn dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Netherlands tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde lórí èyí. Wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba imú àwọn aláìsàn wọ ọ̀nà oúnjẹ, wáyà tó lè fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ hàn. Lára àwọn tó ń gùnfẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n rí i pé òkè ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, òkè náà ló sì ń gbà jáde, nígbà tí àpòlúkù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kò túmọ̀ sí pé èèyàn ń díbọ́n. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé àwọn ló ń fa afẹ́fẹ́ náà wọlé. Bó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé nǹkan kan á kọ́kọ́ mú ìnira gidi wá: gáàsì ohun mímu, omi kíkan tó ń gòkè, ikùn tó kún jù, tàbí àníyàn tó ń dì mọ́ni láyà. Èèyàn á wá gbìyànjú láti gùnfẹ̀ kí ara lè tù ú. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kò bá sí níbẹ̀ láti jáde, ara á kọ́ bó ṣe máa fa tuntun wọlé kó lè rí èyí tó máa tì jáde. Iṣan pẹrẹsẹ tó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ikùn á sọ̀ kalẹ̀ lójijì, ọ̀fun á là, afẹ́fẹ́ á wọlé. Ara á tuni fún ìṣẹ́jú kan. Ìtura yẹn gan-an ló ń kọ́ ara pé kí ó tún ṣe é. Èyí tó wá burú níbẹ̀ ni pé, nínú gbogbo ìgbìyànjú yìí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè yọ́ lọ sínú àpòlúkù, á sì na ibẹ̀, ìnira á padà dé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀? Ẹ tẹ́tí sí ara yín. Ti ìkejì máa ń wá ní ọ̀wọ́, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ó lè tó ogún láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò ní adùn oúnjẹ nínú, ó sì lè dé nígbà tí ikùn ṣófo pátápátá. Kì í sí lójú oorun. Ó sábà máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tí ọkàn yín bá wọ inú ohun kan tán. Afẹ́fẹ́ inú àpòlúkù kì í dúró de kí ẹ sọ̀rọ̀ tán, nítorí náà bó bá jẹ́ pé ẹ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìgùnfẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ bí ẹ ṣe dákẹ́, àmì tó lágbára nìyẹn. Ẹ tún jókòó síwájú dígí kí ẹ wo ara yín nígbà tó bá fẹ́ dé. Bí àgbọ̀n bá yọ síwájú díẹ̀, tí àyà gbé sókè wẹ́rẹ́, tí ẹ sì gbọ́ bí ìgbà tí nǹkan kékeré wọ ọ̀fun kí ìgùnfẹ̀ tó jáde, ẹ ti rí ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tí mo tọ́jú. Akọ̀wé owó ni, ó sì ti lo oògùn tó ń dín omi kíkan kù fún oṣù mẹ́rin kí ó tó wá bá mi. Kò rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ̀rù sì ti ń bà á pé ohun burúkú ló wà nínú òun. Mo ní kó kọ ohun gbogbo sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta: aago tó gùnfẹ̀, ohun tó jẹ tàbí mu ṣáájú, bóyá ó ní adùn, bóyá ọ̀kan ṣoṣo ni tàbí ọ̀wọ́. Nígbà tó mú ìwé náà padà wá, ohun gbogbo hàn kedere. Ìdí tábìlì iṣẹ́ ló ti ń jẹun ọ̀sán, ìṣẹ́jú mẹ́fà ló máa ń gbà á, agolo ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ló sì fi ń ti oúnjẹ náà. Láàárín ìdajì wákàtí, ìgùnfẹ̀ ńlá márùn-ún tàbí mẹ́fà á dé, pẹ̀lú adùn ohun mímu náà. Ti èkíní nìyẹn. Lẹ́yìn náà á sọ ṣingọ́ọ̀mù sẹ́nu. Láti aago mẹ́ta lọ, ọ̀wọ́ ìgùnfẹ̀ kéékèèké á bẹ̀rẹ̀, wọn kò ní adùn, wọ́n ń tẹ̀ léra bí mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé nígbà tí òun bá gbé fóònù, kò sí ẹyọ kan.

A kọ́kọ́ yọ ṣingọ́ọ̀mù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò pátápátá, a sì fa oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ gùn dé ogún ìṣẹ́jú. Kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí, ìgùnfẹ̀ ńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn kéékèèké ṣì wà bí wọ́n ṣe wà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n á ní àwọn ti jáwọ́ nínú gbogbo nǹkan tí wọ́n fẹ́ràn, kò sì ṣiṣẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́, apá kan ló kàn tọ́jú. Ohun tó kù ti di àṣà ara, àṣà tuntun la sì fi ń lé e lọ.

Mímí láti ikùn ni àṣà tuntun yẹn. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí èjìká sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ kan lé àyà, ìkejì lé ikùn lókè ìdodo. Ẹ la ètè díẹ̀, kí ẹ sì fi ṣóńṣó ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú òkè. Ẹ má fo èyí dá, torí ó ṣòro láti gbé afẹ́fẹ́ mì nígbà tí ẹnu bá là, tí ahọ́n sì dúró síbẹ̀. Ẹ fi imú mí sínú jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe ń ka ení dé ẹẹ́rin lọ́kàn, kí ọwọ́ orí ikùn gbé sókè, kí ti àyà má fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ẹ wá mí síta láti ẹnu bí ẹ ṣe ń kà dé ẹẹ́fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, nígbà tí ìgùnfẹ̀ kò tíì dé, kí ara lè mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó bá wá fẹ́ dé lóòótọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mímí yìí dípò kí ẹ gùnfẹ̀. Iṣan pẹrẹsẹ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò lè máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ fún mímí kí ó tún máa jà kalẹ̀ fún ìgùnfẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìfẹ́ láti gùnfẹ̀ á kọ́kọ́ le sí i, lẹ́yìn mímí mélòó kan, á rọlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó bá rọlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ gùnfẹ̀ ni ẹ ó gbà mí gbọ́.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan ń fi àyà mí, tí èjìká á máa lọ sókè sódò. Irú mímí yẹn ń fa afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà oúnjẹ ni. Àwọn mìíràn ń mí tagbáratagbára títí òòyì fi ń kọ́ wọn. Mímí jẹ́jẹ́ tó tó ni a fẹ́, kì í ṣe mímí tó pọ̀. Bí ẹ kò bá rí i ṣe ní jíjókòó, ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ kí ẹ gbé ìwé kan lé ikùn, kí ẹ máa wò ó bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin yẹn lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọ̀wọ́ ìgùnfẹ̀ rẹ̀ tó dín kù dé ibi tí kò fi dà á láàmú mọ́. Ìgùnfẹ̀ náà tún padà dé nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn rẹ̀ ní ìparí ọdún. Ó bẹ̀rẹ̀ mímí náà padà, ìgùnfẹ̀ náà sì lọ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń rí i báyìí lọ́wọ́ ara wọn nìkan; àwọn mìíràn nílò olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ tó mọ iṣẹ́ yìí, tàbí onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn, pàápàá tó bá jẹ́ àníyàn ló gbé e dé.

Ní ti oògùn tí ẹ béèrè, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín. Simẹ́tíkóònù, oògùn tí wọ́n ń lò fún gáàsì inú, ń pa hóhò gáàsì kéékèèké pọ̀ di ńlá kí gáàsì lè jáde. Kò lè dá yín dúró láti gbé afẹ́fẹ́ mì. Oògùn tó ń dín omi kíkan kù wúlò bí àyà bá ń ta yín tàbí tí omi kíkan ń gòkè wá sí ọ̀fun pẹ̀lú ìgùnfẹ̀, torí ìgbà míì, ohun tó ń bá èèyàn jà nìyẹn gan-an. Láìsí ìyẹn, ẹ ó kàn máa gbé e mì lásán ni. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni ìyẹ̀fun tó ń hó nínú omi tí wọ́n fi ń “tú ikùn”. Sódà ló wà nínú rẹ̀. Bí sódà bá ti pàdé omi kíkan, inú ife ni o tàbí inú àpòlúkù, kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ló ń jáde, gáàsì kan náà tó wà nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìgùnfẹ̀ tó tẹ̀ lé e tí ẹ kà sí ìwòsàn, òun gan-an ló dá a sílẹ̀.

Ṣé ọgbẹ́ inú ni? Ọgbẹ́ inú sábà máa ń fi ìrora hàn lókè ikùn, ìrora tó ń jóni tàbí tó ń gé ni jẹ, tó sì lè jí èèyàn láàárín òru. Ìgùnfẹ̀ nìkan, láìsí ohun mìíràn, kì í sábà jẹ́ àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi dúró sílé bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun, bí ẹ bá ń rù láìmọ ìdí, bí ẹ bá ń bì lemọ́lemọ́, bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, tàbí bí oúnjẹ díẹ̀ bá ń kún yín jù. Ìgùnfẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, tí ìgbẹ́ gbuuru sì tẹ̀ lé e, lè jẹ́ kòkòrò inú ìfun, àyẹ̀wò ìgbẹ́ ló máa fi hàn. Bí àyà bá ń fún yín pa nígbà tí ẹ bá ń gòkè tàbí tí ẹ bá ń rìn kíákíá, tí ẹ sì ń gùnfẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ má pè é ní gáàsì. Ọkàn ni kí wọ́n yẹ̀ wò, ní ọjọ́ náà gan-an. Bó bá dé lójijì pẹ̀lú òógùn tútù, ilé ìwòsàn pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ.

Bí kò bá sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ kọ ìwé ọjọ́ mẹ́ta yẹn kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, torí òun ló máa sọ iye tí ó jẹ́ ti èkíní àti iye tí ó jẹ́ ti ìkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì yọ ṣingọ́ọ̀mù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò kúrò. Bíà wà lára rẹ̀ o, bẹ́ẹ̀ náà ni omi mímu tí wọ́n fi gáàsì sí. Ẹ gbé ṣíbí sílẹ̀ láàárín òkèlè kan sí èkejì, kí ẹnu ṣófo kí ẹ tó gbé e padà. Ẹ sì jáwọ́ nínú fífi tipátipá gùnfẹ̀ láti òní. Èyí tó bá wá fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó jáde. Bí ọ̀wọ́ kéékèèké bá ṣì wà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ mímí láti ikùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí kò bá yí padà, ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà tó mọ̀ nípa ikùn àti ìfun, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n lè fi wáyà inú ọ̀nà oúnjẹ ṣe àyẹ̀wò wákàtí mẹ́rìnlélógún fún yín. Ẹ sọ fún wọn pé ìgùnfẹ̀ náà máa ń dáwọ́ dúró tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ kan yẹn máa ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀.